Àṣẹ Ìrà Oní-iye àti Títa Púùtù: Èwo Ni Kí A Fi Ra Ìpín Ní Ẹ̀dínwó?

Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo wà ní Kubwa, ẹni méjì fẹ́ ra ìpín ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan náà ní oṣù kan náà. Ìpín náà ń lọ ní dọ́là 20.60 lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì sì ti ṣírò rẹ̀ pé kò yẹ kí àwọn san ju dọ́là 19 lọ. Èkíní fi àṣẹ sílẹ̀ fún alágbàtà rẹ̀ pé kí ó ra ẹyọ 100 nígbàkígbà tí iye náà bá wá sílẹ̀ dé 19. Èkejì ta àdéhùn púùtù kan ní iye 19, ìyẹn ìlérí pé òun yóò ra ẹyọ 100 ní 19 bí ẹni tí ó ra àdéhùn náà bá fẹ́ tà á fún òun, ó gba dọ́là 55 lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á, ó sì fi dọ́là 1,900 pamọ́ kí ó lè fi gba ìpín náà bí wọ́n bá gbé e dé. Nígbà tí a parí ìpàdé, wọ́n bi mí léèrè pé ta ni ó gbọ́n jù nínú àwọn méjèèjì. N kò lè dá wọn lóhùn lórí ìdúró, nítorí pé ìdáhùn náà wà lọ́wọ́ ohun tí ìpín náà bá ṣe láàrin ọjọ́ márùndínlógójì tí àdéhùn náà yóò fi wà láàyè. Ohun tí mo wá jókòó kọ fún wọn ni mo ń fi síwájú yín yìí.

Àwọn kan máa ń sọ pé títa púùtù kò yàtọ̀ sí àṣẹ ìrà tí wọ́n ń sanwó fún ẹni tí ó fi í sílẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n apá tí kì í ṣe òtítọ́ nínú rẹ̀ ni ó ń náni lówó.

Ohun tí ẹ ń fọwọ́ sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan

Àṣẹ ìrà oní-iye rọrùn láti yé. Lójú fóònù, ẹ ó yan `Limit`, ẹ ó kọ 19.00, ẹ ó sì yan `GTC`, kí àṣẹ náà lè wà nílẹ̀ títí ẹ ó fi fagi lé e tàbí tí gbèdéke tí alágbàtà yín fi sí i yóò fi pé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ kò ní san ju 19 lọ. Bí ọjà bá gbé e wá ní iye tí ó kéré sí 19, iye kékeré náà ni ẹ ó san. Bí ẹ bá yí ọkàn padà kí ó tó ràn, ìyẹn kí ìrà náà tó wáyé, ẹ ó fagi lé e, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀, kò sí ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè.

Púùtù yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Nígbà tí ẹ bá yan `Sell to Open`, ẹ ti ta ẹ̀tọ́ kan fún ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ẹ̀tọ́ náà ni pé ó lè ta ẹyọ ìpín 100 fún yín ní dọ́là 19, ní ọjọ́ tí ó bá wù ú, títí di ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí, ohun yòówù kí ìpín náà tó lọ́jà. Ó san sẹ́ńtì 55 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀tọ́ yìí, èyí tí ó di dọ́là 55 fún àdéhùn kan, nítorí pé ẹyọ 100 ni àdéhùn kan dúró fún. Owó ẹ̀tọ́ yìí ti di tiyín lójú ẹsẹ̀, ìpín ì báà wá, ì báà má wá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó ra ẹ̀tọ́ ni ó ní yíyàn. Ẹ̀yin tí ẹ tà á, dandan ni tiyín. Ipò tí adójútòfò wà sí ẹni tí ó san owó ìdójútòfò lórí ọkọ̀ rẹ̀ ni ẹ wà sí i. Owó kékeré ti wọlé fún yín, ẹrù ńlá sì wà ní ọrùn yín títí di ọjọ́ ìparí.

Àwọn púùtù tí mo ń sọ yìí, ọjà Amẹ́ríkà ni wọ́n wà. Ní ọjà ìpín tiwa, NGX, kò sí púùtù lórí ìpín ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìpín ilé-ìfowópamọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ yìí ní ẹ̀dínwó, àṣẹ ìrà oní-iye nìkan ni ó wà fún un. Àwọn áàpù tí a fi ń ra ìpín Amẹ́ríkà láti Nàìjíríà pàápàá, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gba títa púùtù láàyè. Ẹ bèèrè èyí kí ẹ tó fi dọ́là ránṣẹ́.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ó máa ń pinnu ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa kí a tó débì kankan. Àṣẹ ìrà lè jẹ́ fún ẹyọ mẹ́wàá, tàbí ẹyọ mẹ́ta. Púùtù kò mọ ẹyọ mẹ́wàá. Ẹyọ 100 ni, tàbí kí ẹ má ṣe é rárá. Bí dọ́là kan bá jẹ́ náírà 1,500, owó ìpamọ́ fún púùtù kan ní iye 19 jẹ́ náírà mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta-lé-lẹ́gbẹ̀rin (2,850,000), lórí ìpín ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí gbogbo owó tí ó ní fún ìdókòwò kò bá ju ìlọ́po méjì èyí lọ, àṣẹ ìrà ni kí ó lò, kí ó sì pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀.

Bí oṣù kan náà ṣe lè rí fún àwọn méjèèjì

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àwọn ẹni méjì ti Kubwa. Dọ́là 1,900 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀. Iye tí ìpín yóò jẹ́ gan-an fún ẹni tí ó ta púùtù, bí wọ́n bá gbé e fún un, ni 19 tí a yọ sẹ́ńtì 55 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn 18.45. Ẹ̀dínwó tí ó ń wá nìyẹn. Alágbàtà yóò tún gba owó iṣẹ́, èyí tí ó wà ní bíi sẹ́ńtì 65 fún àdéhùn kan lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. N kò kà á mọ́ ìṣirò yìí.

| Ohun tí ìpín ṣe láàrin ọjọ́ 35 | Àṣẹ ìrà ní 19 | Púùtù ní 19 |
|---|---|---|
| Ó gòkè lọ sí 23 | Kò rí ìpín, kò rí owó | Kò rí ìpín, ó rí dọ́là 55 |
| Ó já dé 18.80, ó sì padà sí 21.50 | Ó ní ìpín, èrè rẹ̀ jẹ́ 250 | Kò rí ìpín, ó rí dọ́là 55 |
| Ó ń já díẹ̀díẹ̀ títí dé 17 | Ó ní ìpín, àdánù rẹ̀ jẹ́ 200 | Ó ní ìpín, àdánù rẹ̀ jẹ́ 145 |
| Ó sùn ní 19.80, ó jí ní 15.50 | Ó rà á ní bíi 15.50, tàbí ó ti fagi lé e | Àdánù rẹ̀ jẹ́ 295 |

Ìlà kìíní àti ìlà kẹta ni àwọn tí ń polówó púùtù máa ń fi han ènìyàn. Ní ìlà méjèèjì yìí, púùtù fi dọ́là 55 borí àṣẹ ìrà, kò sì sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀. Bí ìpín bá rọra ń rìn láàrin 19 sí 20.60 láìlọ síbì kankan, bákan náà ni. Oṣù tí ó bá rí báyìí pọ̀, ìdí sì nìyẹn tí títa púùtù fi máa ń dùn mọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìlà kejì ni ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ìpín já sí 18.80 ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni tí ó ta púùtù sì rò pé wọn yóò gbé e fún òun. Wọn kò gbé e. Ìdí ni pé nígbà tí ọjọ́ bá ṣì kù nínú àdéhùn, ẹ̀tọ́ náà ní iye ju ohun tí ẹni tí ó ní in yóò rí bí ó bá lò ó lọ. Bí ó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀, ṣe ni yóò tà á fún ẹlòmíràn. Nítorí náà ìpín lè kọjá ní iye tí ẹ fẹ́ lójú yín, kí ó sì padà gòkè, kí ẹ má rí ẹyọ kan gbà. Ẹni tí ó fi àṣẹ ìrà sílẹ̀ ti rà á ní 19 ní tirẹ̀, ó sì ti jẹ èrè 250. Iye ìpín ní gbogbo ìṣẹ́jú tí ọjà fi ṣí sílẹ̀ ni àṣẹ ìrà ń ṣọ́. Iye ọjọ́ ìparí ni púùtù ń wò ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ó bá nífẹ̀ẹ́ ìpín kan dénúdénú, tí ó ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ kan tí yóò já lójijì, kò yẹ kí ó máa ta púùtù lórí rẹ̀.

Ìlà kẹrin ni mo fẹ́ kí ẹ dúró wò pẹ́. Ọjà Amẹ́ríkà ti tì, ilé-iṣẹ́ náà wá gbé ìròyìn èrè ìdá-mẹ́rin ọdún rẹ̀ jáde, ìròyìn náà sì burú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìpín tí ó sùn ní 19.80 ṣí ní 15.50. Kò gba orí 19 kọjá rárá. Ó fò ó ni. Àṣẹ ìrà tí ó wà nílẹ̀ ní 19 yóò ràn ní iye tí ọjà fi ṣí, ìyẹn bíi 15.50, owó tí ó jáde lọ́wọ́ ẹni náà sì jẹ́ 1,550 dípò 1,900. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ní gbogbo òru ọjọ́ náà láti ka ìròyìn náà kí ó sì fagi lé àṣẹ rẹ̀ bí ó bá rí i pé nǹkan ti yí padà nílé-iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ta púùtù kò ní àǹfààní kankan nínú méjèèjì. Bí ó bá fẹ́ jáde, ó gbọ́dọ̀ ra àdéhùn náà padà, iye rẹ̀ yóò sì ti fò láti sẹ́ńtì 55 lọ sí nǹkan bíi 3.60, ìyẹn ni pé yóò pàdánù bíi dọ́là 305 kí ó tó bọ́. Bí kò bá jáde, yóò dúró gba ohun tí ó tó 15.50 ní 19.

Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n san dọ́là 55 fún wà gan-an. Wọ́n san án fún yín nítorí pé ẹ ti fi agbára àtifagilé àṣẹ yín tà. Nígbà tí ẹ bá rí owó ẹ̀tọ́ tí ó tóbi ju ti oṣù tí ó kọjá lọ lórí ìpín kan náà, ẹ má yọ̀ kíákíá. Ẹ wo ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà yóò gbé ìròyìn èrè rẹ̀ jáde. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé ọjọ́ náà bọ́ sáàrin ọjọ́ tí ẹ tà á àti ọjọ́ tí yóò parí, ẹ̀rù ọjọ́ náà sì ni ó wú owó náà. Ìlànà tèmi ni pé bí ìròyìn èrè bá wà láàrin, àṣẹ ìrà ni mo ń lò. Bí kò bá sí, mo lè ta púùtù.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìṣirò ìdá ọgọ́rùn-ún tí wọ́n máa ń gbé kiri. Dọ́là 55 lórí 1,900 jẹ́ bíi ìdá 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọjọ́ 35, àwọn ènìyàn yóò sì sọ ọ́ di púpọ̀ nípa títún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún, wọn yóò ní ìdá ọgbọ̀n ni. Ìṣirò yẹn ka oṣù tí ó dára mẹ́wàá, kò ka oṣù ìlà kẹrin kan ṣoṣo. Oṣù kan bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àdánù 295, ti jẹ owó ẹ̀tọ́ oṣù márùn-ún àti díẹ̀.

Iye wo ni kí a tà á

Bí ẹ bá ti yan púùtù, ìfiwéra kékeré kan ṣì kù. Lórí ìpín kan náà àti ọjọ́ ìparí kan náà, ẹ̀tọ́ ní iye 20 lè mú sẹ́ńtì 95 wá, ti 19 mú 55 wá, ti 18 sì mú 30 wá. Iye tí ìpín yóò jẹ́ gan-an fún yín bí ó bá já sí yín lọ́wọ́ yóò wá jẹ́ 19.05, 18.45 tàbí 17.70. Ẹ̀rọ yóò máa tọ́ka yín sí 20 nítorí pé owó rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi ara yín kò ní owó ẹ̀tọ́ nínú rárá: ǹjẹ́ inú yín yóò dùn láti ra ẹyọ 100 ní 19.05 ní ọ̀la? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, 20 kò sí lára ohun tí ẹ lè yàn. Nígbà tí ẹ bá sì ń tà á, ẹ má gba iye tí ẹni tí ń rà kọ́kọ́ dá. Bí ó bá dá sẹ́ńtì 50, tí ẹni tí ń tà sì dá 60, ẹ kọ 55 kí ẹ sì dúró. Ní orí ìpín tí àdéhùn rẹ̀ ń rìn dáadáa, ó máa ń ràn láìpẹ́. Bí àlàfo àárín wọn bá tó sẹ́ńtì 30, ẹ fi ìpín náà sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀dínwó tí ẹ ń wá ni àlàfo náà yóò jẹ tán.

Owó ìpamọ́, àti ibi tí mo ti ṣìnà

Fún àṣẹ ìrà, owó ìpamọ́ kì í ṣòro. Bí ẹ kò bá yá owó lọ́wọ́ alágbàtà, kì í jẹ́ kí ẹ ra ohun tí owó yín kò ká. Ibi púùtù ni ọ̀rọ̀ ti le, nítorí pé oríṣi àkáǹtì méjì ni ó wà. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní `Cash`, alágbàtà yóò ti gbogbo 1,900 mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ta púùtù, ẹ kò sì ní lè fọwọ́ kàn án. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní `Margin`, alágbàtà ń yáni lówó, nítorí náà apá kan owó náà nìkan ni yóò ti mọ́lẹ̀, yóò sì máa fi ìyókù hàn yín lábẹ́ `Buying Power` bí ẹni pé owó yín ni.

Èmi náà ti ṣubú sínú èyí. Mo ní dọ́là 1,950 nínú àkáǹtì tí wọ́n ti ń yáni lówó. Mo ta púùtù kan ní 19, mo wò ó, ẹ̀rọ sì fi hàn mí pé agbára ìrà mi ṣì pọ̀. Mo bá ta èkejì. Owó ẹ̀tọ́ tí mo gbà jẹ́ 110, owó mi di 2,060, ṣùgbọ́n ohun tí mo ti fọwọ́ sí láti rà ti di 3,800. Ìpín náà parí oṣù ní 17. Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo ṣí fóònù, mo bá ẹyọ 200 níbẹ̀, àti owó tí wọ́n fi àwọ̀ pupa kọ àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀: -1,740.00. Alágbàtà kọ̀wé pé kí n dá owó sí i láàrin ọjọ́ díẹ̀ tàbí kí òun ta lára ìpín náà.

Dọ́là tí mo nílò wà ní náírà. Mo sáré lọ sí Wuse Zone 4 lọ́dọ̀ àwọn alápàṣípààrọ̀, lẹ́yìn náà ni mo tún lọ sí báǹkì fún ìfiránṣẹ́, owó náà sì lo ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin lójú ọ̀nà. Kí ó tó dé, alágbàtà ti ta ẹyọ 100 ní 16.60. Ó gba 1,660 níbẹ̀, gbèsè mi ku 80, èlé sì wà lórí rẹ̀. Ẹyọ tí wọ́n tà náà ti ná mi ní 18.45, nítorí náà dọ́là 185 ni mo pàdánù lórí ìpín tí mo fẹ́ràn, tí n kò sì fẹ́ tà. Ní oṣù méjì lẹ́yìn náà ó padà sí 19.40. Àṣìṣe náà kì í ṣe ti ìpín, kì í sì í ṣe ti alágbàtà. Ìlérí méjì ni mo ṣe pẹ̀lú owó ẹyọ kan.

Láti ìgbà náà, àkáǹtì `Cash` nìkan ni mo ti ń ta púùtù. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà rẹ̀ lè máa ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ kí ó tó tẹ ohunkóhun:

```
owó ìpamọ́ = iye owó inú àdéhùn × 100 × àpapọ̀ púùtù tí a tà
19 × 100 × 2 = 3,800
```

Bí dọ́là tí ó wà nínú àkáǹtì bá kéré sí èsì yìí, púùtù náà kò ní ìpamọ́, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é. Mo sì sọ pé dọ́là, nítorí pé náírà tí ó wà nílé-ìfowópamọ́ kì í ṣe owó ìpamọ́ fún ìlérí tí a ṣe ní dọ́là. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí CBN da àwọn ọjà pàṣípààrọ̀ pọ̀ sójú kan, iye ìjọba fún dọ́là kan fò láti bíi náírà 470 kọjá 600 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó ti ta púùtù, tí ó fi náírà sílẹ̀ fún un, yóò rí i pé owó tí ó kà tán ní ọjọ́ Ajé kò tó mọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀. Ní ti àṣẹ ìrà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ìbá fagi lé e ni.

Nígbà tí ìpín bá já sí yín lọ́wọ́

Àdéhùn olóṣooṣù máa ń parí ní Jímọ̀ kẹta oṣù. Ọjà Amẹ́ríkà ń tì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ó sì ń tì ní aago mẹ́wàá nígbà òtútù wọn. Bí ìpín bá wà ní sẹ́ńtì kan péré sísàlẹ̀ 19 nígbà tí ọjà tì, OCC, ilé-iṣẹ́ tí ó ń bójú tó ìparí gbogbo àdéhùn wọ̀nyí, yóò ka ẹ̀tọ́ náà sí èyí tí a lò, àfi bí ẹni tí ó ní in bá sọ pé òun kò fẹ́. OCC yóò pín wọn fún àwọn alágbàtà láìmọ ojú ẹni, alágbàtà yín yóò sì yàn láàrin àwọn oníbàárà rẹ̀ tí wọ́n ta irú rẹ̀. Ẹ kò ní tẹ ohunkóhun, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi yín léèrè. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹyọ 100 yóò ti wà níbẹ̀, 1,900 yóò sì ti lọ.

Ohun kan wà tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ ní alẹ́ Jímọ̀ yẹn. Ẹ rí i pé ìpín tì ní 19.04, ẹ sì lọ sùn pẹ̀lú ìdánilójú pé àdéhùn ti kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ náà ní ààyè títí di aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ New York, ìyẹn aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ tiwa tàbí mọ́kànlá ààbọ̀, láti lò ó bí ìròyìn kan bá dé lẹ́yìn tí ọjà tì. Nítorí náà, bí ìpín bá tì ní sẹ́ńtì díẹ̀ lókè 19, ẹ má fi 1,900 náà ra nǹkan mìíràn títí di òwúrọ̀ Sátidé. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn lè ra àdéhùn náà padà pẹ̀lú `Buy to Close` ní sẹ́ńtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ọjà tó tì. Mo ka owó náà sí owó oorun àsùnwọra.

Wọ́n tún lè gbé ìpín wá kí ọjọ́ ìparí tó pé. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìpín bá ti já jìnnà sísàlẹ̀ iye àdéhùn, tí àkókò tí ó kù kò sì níye lórí mọ́. Ó sì wọ́pọ̀ ní kété tí ọjọ́ àyọkúrò owó èrè orí ìpín bá ti kọjá, nítorí pé ẹni tí ó ní ìpín náà yóò dúró gba owó èrè rẹ̀ tán kí ó tó gbé ìpín fún yín. Bí àmì yìí bá hàn, tí owó ìpamọ́ sì wà nílẹ̀, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ẹ ti gba ohun tí ẹ fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, owó ẹ̀tọ́ yín sì pé.

Lẹ́yìn tí ìpín bá ti wọlé, ẹ kọ 18.45 sínú ìwé tiyín, nítorí pé ẹ̀rọ alágbàtà lè fi 19 hàn kí ó sì dà bíi pé àdánù yín tóbi ju bí ó ti rí lọ. Nígbà tó bá di ọjọ́ Ajé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ ní láti dáhùn: bí ẹ kò bá ní ìpín yìí rí, ṣé ẹ ó rà á lónìí ní 17? Ẹni tí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni kí ó dì í mú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi àṣẹ ìrà rà á yóò ti ṣe, kí ó sì rántí pé Amẹ́ríkà yóò yọ ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó èrè ìpín tí ń bọ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí ń gbé Nàìjíríà. Ẹni tí ìdí tí ó fi fẹ́ ìpín náà bá ti yí padà kí ó tà á, kí ó gba àdánù 145 náà.

Ọ̀nà kẹta tí ọ̀pọ̀ ń sá gbà ni pé kí wọ́n tó gbé ìpín dé, wọn yóò ra àdéhùn oṣù yìí padà, wọn yóò sì ta ti oṣù tí ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu ba owó rẹ̀. Ìpín wà ní 17, àdéhùn tí ó ku ọjọ́ kan ná 2.05 láti rà padà, ti oṣù tí ń bọ̀ ní 19 kan náà sì mú 2.40 wá. Sẹ́ńtì 35 ni ó kù sí yín lọ́wọ́, iye tí ìpín yóò jẹ́ yóò sì wá sílẹ̀ sí 18.10. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n 1,900 yín ti wà ní títì fún oṣù kan sí i, dandan náà sì ṣì wà ní ọrùn yín bí ìpín bá tún já sí 14. Bí ó bá jẹ́ pé owó ni ẹ ní láti fi kún un kí ẹ tó lè sún un síwájú, ẹ má ṣe é rárá. Èkejì nínú àwọn ẹni méjì ti Kubwa bi mí bóyá kí òun sún tirẹ̀ báyìí. Mo bi òun náà bóyá ó ṣì fẹ́ ìpín náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí ó jẹ́ kí wọ́n gbé e wá.